Oògùn ewé tó ń wo gbogbo àìsàn: ohun tí ẹ̀rí àwọn tó lò ó lè sọ fún wa àtohun tí kò lè sọ

Fídíò kan náà ló ń lọ káàkiri lórí fóònù gbogbo wa báyìí, orúkọ oògùn ló kàn ń yí padà. Ìyá kan jókòó, ó gbé ìgò dání, ó ní ṣúgà òun ti wọ 310, dókítà sì ti sọ fóun pé títí ayé lòun á máa lo oògùn, àmọ́ látìgbà tóun ti bẹ̀rẹ̀ àgbo yìí, ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti já sí 128. Omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú ẹ̀. Lábẹ́ fídíò náà, èèyàn lọ́tùn-ún lósì ti kọ ọ́ pé àwọn náà lò ó, ó ṣiṣẹ́, kí Ọlọ́run bù kún ẹni tó ṣe é.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé irọ́ lobìnrin yìí ń pa ni. Témi bá ní kí n sọ tèmi, ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ látòkè délẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì tọ̀nà, ara tù ú lóòótọ́, síbẹ̀ kó má jẹ́ oògùn yẹn ló ṣe é. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé, ká ní obìnrin yìí ò fẹnu kan ìgò náà rárá, kí ni ì bá ti ṣẹlẹ̀ sára ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn? Kò sẹ́ni tó lè rí ìdáhùn yẹn nínú fídíò. Obìnrin náà gan-an ò mọ̀ ọ́n, kò sì sí bó ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n, torí ara kan ṣoṣo ló ní.

Oògùn kan wà tí wọ́n ti tọpa irú ẹ̀rí báyìí dópin fún, tí wọ́n sì kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Léétírìlì lorúkọ ẹ̀. Láàárín 1970 sí 1980 ló kàn gan-an ní Amẹ́ríkà. Koro èso ápíríkọ́ọ̀tì ni wọ́n ti ń rí èròjà tí wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ní ó ń wo jẹjẹrẹ, wọ́n ní ara igi ló ti wá torí náà kò lè ṣèèyàn ní jàǹbá, wọ́n tún ní àwọn dókítà ló ń bò ó mọ́lẹ̀ nítorí owó. Ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́lẹ́ la ṣì ń gbọ́ lónìí. Àwọn tó ń jẹ́rìí sí i pọ̀ débi pé ìpínlẹ̀ tó lé ní 20 níbẹ̀ ṣòfin tó fàyè gbà á, àwọn tí ò bá sì rí i gbà nílé á sọdá sí Mẹ́síkò.

Nígbà tó di 1978, Àjọ Ìwádìí Jẹjẹrẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí mo rò pé ó dáa gan-an. Wọn ò jáde wá sọ pé irọ́ ni. Wọ́n kọ lẹ́tà sáwọn dókítà tó tó 385,000 àtàwọn oníṣègùn míì, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ aláìsàn tí Léétírìlì ràn lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ kó fi fáìlì onítọ̀hún ránṣẹ́. Wọ́n fojú bù ú nígbà yẹn pé ó kéré tán, èèyàn 70,000 ló ti lò ó. Fáìlì mélòó ló wọlé? 93. Nínú 93 yẹn, ti èèyàn 67 péré ni àkọsílẹ̀ ẹ̀ kún tó láti yẹ̀ wò. Wọ́n wá da fáìlì àwọn tó gba oògùn jẹjẹrẹ ti ọsibítù mọ́ ọn, wọ́n kó o fáwọn onímọ̀ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n mọ èwo ni tèwo, kójú má baà ṣègbè. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, èèyàn 6 ló kù: àwọn 2 tí kókó jẹjẹrẹ wọn ò sí mọ́ àtàwọn 4 tí tiwọn kéré sí i.

Mi ò sọ pé gbogbo àwọn yòókù ló kú o, kò sẹ́ni tó mọ ibi tọ́rọ̀ wọn já sí, ohun tó sì jẹ́ ìṣòro gan-an nìyẹn. Ẹ ronú ẹ̀ wò ná, ká ní fóònù wà láyé ìgbà yẹn, èèyàn 6 yẹn nìkan tó láti fi fídíò kún gbogbo ibi tá a bá yíjú sí, wọn ò sì ní parọ́. Ẹni tó gbádùn ló lókun tó fi ń sọ̀rọ̀, inú ẹ̀ dùn, ó fẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀. Ẹni tí kò gbádùn wà lórí ibùsùn, tàbí ojú ń tì í pé owó òun ti wọgbó, tàbí kò sí mọ́. Ẹni tó ń tajà náà ló sì ń ṣa èyí táá gbé jáde, bí ẹni mẹ́wàá bá kọ̀wé sí i pé àwọn ò rí ìyàtọ̀, kí lá fi ti wọ́n ṣe?

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá dán oògùn náà wò lára èèyàn 178 tó ní jẹjẹrẹ, ní Mayo Clinic àti ibùdó ìwádìí 3 míì, wọ́n sì gbé èsì ẹ̀ jáde ní 1982. Bí àwọn tó ń polówó ẹ̀ ṣe ń lò ó ni wọ́n ṣe lò ó, tòun ti oúnjẹ tí wọ́n ní kéèyàn máa jẹ àti fítámì tí wọ́n ń fi kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé wọn ò lò ó dáadáa. Wọn ò fi ẹgbẹ́ kejì tí kò lo oògùn náà wé e, torí jẹjẹrẹ tó ti le bíi tàwọn èèyàn yẹn kì í dédé lọ fúnra ẹ̀, bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, kókó jẹjẹrẹ náà á kéré, wọ́n á sì rí i. Nínú 178, ẹnì kan ṣoṣo ni kókó ẹ̀ kéré débi tí wọ́n lè pè é ní àyípadà. Kí wọ́n tó parí ìtọ́jú, ti nǹkan bí ìdajì wọn ti gbòòrò sí i, nígbà tó sì máa fi pé oṣù 7 lẹ́yìn ìtọ́jú, ti gbogbo wọn ti gbòòrò. Lórí ẹ̀ náà, wọ́n bá sáyánáìdì tó pọ̀ débi tó ń bani lẹ́rù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, torí inú èròjà tó wà ní koro yẹn ni ara ti ń yọ sáyánáìdì jáde, májèlé gidi sì ni.

Àmọ́ ibi tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù rèé. Nínú àwọn èèyàn 178 yẹn, àwọn kan sọ pé ara tu àwọn nígbà tí wọ́n ń lò ó. Àwọn kan ní ìrora dín kù, àwọn kan ní àwọn túbọ̀ lè ṣiṣẹ́. Jẹjẹrẹ náà ń dàgbà nínú wọn ní gbogbo àkókò yẹn. Bẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà síwájú wọn lọ́sẹ̀ kejì, ẹ ó gba fídíò tó dùn ún wò, tó sì jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé látọkàn wá. Òṣèré fíìmù Steve McQueen ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ní jẹjẹrẹ, ó lọ gba irú ìtọ́jú yìí ní Mẹ́síkò ní 1980, Léétírìlì wà nínú ohun tí wọ́n fún un. Nínú oṣù kẹwàá ọdún yẹn wọ́n gbé ohùn ẹ̀ sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n bá òun gba ẹ̀mí òun là. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, ó kú. Ẹni ọdún 50 ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá tó ní ṣúgà wá, torí tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti jẹjẹrẹ, ó ní nọ́ńbà lọ́wọ́, nọ́ńbà sì máa ń pa wá lẹ́nu mọ́. 310 yẹn, ìgbà wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n? Ṣé lẹ́yìn oúnjẹ ni àbí láàárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkankan? 128 ńkọ́? Bó bá jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n wọn ti àkọ́kọ́, tó wá jẹ́ pé ó sùn kó tó wọn ìkejì láàárọ̀, ọ̀tọ̀ ni nǹkan tí nọ́ńbà méjèèjì ń sọ, wọn ò ṣeé fi wéra. Ẹ tún wò ó pé ìgbà wo lèèyàn máa ń sáré ra oògùn tuntun? Ọjọ́ tó burú jù ni, kì í ṣe ọjọ́ tára le. Ṣúgà, ìrora, ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wọn ló máa ń gòkè tí wọ́n á tún sọ̀, tó bá wá jẹ́ pé orí òkè pátápátá lèèyàn ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, yálà oògùn yẹn wúlò àbí kò wúlò, oògùn náà ló sì máa gba ìyìn ẹ̀.

Ohun míì tún ni pé, kí ló tún yí padà? Ìwé kékeré tó wà nínú páálí oògùn yẹn sábà máa ń sọ pé kéèyàn yẹra fún nǹkan dídùn, kó máa rìn, kó dín oúnjẹ kù. Ní 2017, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Ìlú Ọba táwọn tó ní ṣúgà oríṣi kejì kópa nínú ẹ̀, wọ́n fún apá kan ní oúnjẹ tí wọ́n dín kù gan-an fún oṣù mélòó kan kí wọ́n lè fọn, wọ́n sì dá oògùn ṣúgà wọn dúró. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 wọn, nǹkan bí 46 ni ṣúgà wọn wà níbi tó dáa láìlo oògùn kankan. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú báwọn dókítà ṣe máa ń ṣe, 4 nínú 100 ni. Kò séwé, kò ségbò, kò sí àgbo nínú ẹ̀. Ká ní ẹnì kan ti gbé ìgò sí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ìgò yẹn nìkan là bá máa gbọ́ ìròyìn ẹ̀ títí di báyìí. Àwọn 4 yẹn ló sì jẹ́ ká mọ̀ pé 46 nítumọ̀, torí wọ́n fi hàn wá bó ṣe máa ń rí fẹ́ni tí ò ṣe é, ìyẹn gan-an ni ohun tí fídíò ò lè ní.

Kí wá ni ẹ̀rí gidi pé nǹkan wo ṣúgà? Tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n ń kọ HbA1c sí lórí ìwé èsì. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀, hóró yẹn sì ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, torí náà tẹ́ẹ̀sì yìí ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn, kì í ṣe bó ṣe rí láàárọ̀ yìí nìkan. Ní 2021, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ oríṣiríṣi fẹnu kò pé, kí wọ́n tó lè sọ pé ṣúgà ẹnì kan ti rọlẹ̀, HbA1c ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 6.5, ó kéré tán oṣù 3 lẹ́yìn tó ti dá gbogbo oògùn ṣúgà dúró. Wọn ò tiẹ̀ pe ìyẹn ní ìwòsàn tó parí, torí ó lè padà wá, èèyàn gbọ́dọ̀ ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ méjì ìyá yẹn wé e. Kódà bí kò bá parọ́ ẹyọ kan, ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì tó láti mọ̀.

Àmọ́ o, nígbà míì, oògùn náà máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, kíákíá, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ọdún 2008 ní Singapọ́ọ̀, nǹkan bí 150 èèyàn ni wọ́n sáré gbé wá sọ́sibítù torí ṣúgà wọn já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn yìí ò sì ní àrùn ṣúgà tẹ́lẹ̀. 4 nínú wọn kú. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé oògùn ọkùnrin tí wọ́n ń tà láìtọ́ làwọn kan nínú wọn ń lò, wọ́n sì bá gilibẹ́ńkílamáìdì nínú ẹ̀, ìyẹn oògùn ṣúgà tí dókítà ń kọ fúnni, kò sì sí níbì kankan lára páálí. Àwọn aláṣẹ ìlera láwọn orílẹ̀-èdè míì náà ti rí irú ẹ̀ nínú oògùn tí wọ́n kọ pé ewé lásán ni, wọ́n á po oògùn ṣúgà mọ́ oògùn ṣúgà onígò, wọ́n á po sítẹ́rọ́ọ̀dù mọ́ ti oríkèé ríro. Torí náà béèyàn bá bá yín sọ pé ó ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má rò pé ìyẹn ló fi hàn pé ó dáa. Ewé kì í sábà yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn ṣúgà ti dókítà tẹ́lẹ̀ tó wá dà á pọ̀ mọ́ irú èyí ti mu oògùn onílọ̀ọ́po méjì láìmọ̀.

Ṣé èyí wá túmọ̀ sí pé ewé ò ní agbára ni? Rárá. Ní Ṣáínà, Tu Youyou àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá oògùn ibà látinú ewé tí ìwé àtijọ́ mẹ́nu kàn. Wọ́n dán ọ̀pọ̀ wò, ọ̀pọ̀ ò ṣiṣẹ́, títí wọ́n fi rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fà á jáde láìfi iná tó pọ̀ bà á jẹ́. Ọdún 1971 ni wọ́n rí i pé ó pa kòkòrò ibà lára ẹranko, àwọn fúnra wọn kọ́kọ́ mu ún láti mọ̀ bóyá ó léwu, wọ́n wá fún àwọn aláìsàn ní 1972, wọ́n sì ń wo kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn bóyá ó ń lọ. Bí oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní atẹmisínìn ṣe dé nìyẹn, Tu Youyou sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015. Ewé náà ni, àmọ́ kòkòrò tí wọ́n ń kà nínú ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́rìí sí i.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ oògùn kan wò fúnra yín, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ewé tó wà nínú ẹ̀, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, torí orúkọ ilé máa ń pọ̀ lórí ewé kan. Tí wọn ò bá kọ ewé kankan sára ìgò, tàbí wọ́n kọ pé àdàpọ̀ àṣírí ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí fún mi, torí kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Ká ní ejìnrìn ni wọ́n kọ, táwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Momordica charantia, ẹ lọ sórí PubMed, ìkànnì tí wọ́n ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ sí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ èyí:

```
Momordica charantia[Title] AND randomized controlled trial[Publication Type]
```

Ohun tí ìlà yẹn ń ṣe ni pé ó ń yọ àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣẹ́ kèké pín èèyàn sí ẹgbẹ́ méjì, kí ẹ̀dá aláìsàn tó ń lo oògùn náà àti ẹni tí kò lò ó lè jọra. Ẹ tún lè wá orúkọ kan náà lórí Cochrane, níbi tí wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ láti wò wọ́n pọ̀. Fún ejìnrìn àti ṣúgà, àgbéyẹ̀wò wọn tó jáde ní 2012 rí ìwádìí 4 péré tó yẹ kí wọ́n gbà wọlé, èèyàn 479 ló wà nínú gbogbo ẹ̀ pọ̀, èyí tó pẹ́ jù ò ju oṣù 3 lọ, wọn ò sì rí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbára lé láàárín ẹni tó lo ejìnrìn àti ẹni tí wọ́n fún ní hóró oògùn tí kò ní nǹkankan nínú. Ìyẹn ò sọ pé ejìnrìn ò lè ṣe nǹkankan láé, ó kàn ń sọ pé ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà yẹn ò tó kẹ́nì kan fi ju oògùn ẹ̀ nù.

Bẹ́ ẹ bá ń ka ìwádìí tí olùtajà fi ránṣẹ́, ẹ wo ara ta ni wọ́n ti dán an wò. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń kọ pé "ìwádìí fi hàn pé ó ń pa jẹjẹrẹ", inú àwo kékeré ní yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n da omi ewé lé hóró jẹjẹrẹ lórí. Omi bílíìṣì náà á pa á níbẹ̀. Ohun téèyàn gbé mì gbọ́dọ̀ gba inú ikùn àti ẹ̀dọ̀ kọjá, kó ṣẹ́ kù tó nínú ẹ̀jẹ̀ láti ṣiṣẹ́, kó má sì pa ara tó kù lára. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tó wà lára páálí náà, ẹ mọ ohun tó ń sọ: lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n lè gba oògùn ewé tàbí àfikún oúnjẹ wọlé láìní kí ẹni tó ni ín fi hàn pé ó ń wo àìsàn tó sọ.

Ẹ wá lè kọ̀wé sí olùtajà báyìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èèyàn mélòó ló ti lo oògùn yìí, mélòó ni ò ṣiṣẹ́ fún, báwo lẹ ṣe mọ̀, ṣé wọ́n ṣì ń lo oògùn dókítà lákòókò yẹn, kí ni HbA1c wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta?" Tó bá jẹ́ fídíò míì ló fi dá yín lóhùn, ó ti dáhùn.

Fẹ́ni tó bá ti ń lò ó lọ́wọ́, ẹ má fi oògùn dókítà sílẹ̀ torí ẹ̀, pàápàá ìnsúlínì, ẹni tí ara ẹ̀ ò lè ṣe ìnsúlínì fúnra ẹ̀ lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó bá dá a dúró. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀ ń lò ó, kódà bójú bá ń tì yín. Bí ara bá ṣàdédé ń gbọ̀n, tẹ́ ẹ̀ ń làágùn, tí ọkàn ń sáré, tí ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ yín lẹ́nu, ó lè jẹ́ pé ṣúgà yín ti já wálẹ̀ jù, tẹ́ ẹ bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ tètè mu nǹkan tó ní ṣúgà, ẹ má fi gilibẹ́ńkílamáìdì tó lè wà nínú ìgò náà ṣeré, torí ó lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí tó lé ní 24, ṣúgà lè gòkè tán kó tún já wálẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sọ́sibítù kí wọ́n máa ṣọ́ yín níbẹ̀. Ẹ mú ìgò náà dání tòun ti páálí ẹ̀ àti èyí tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n á fi lè yẹ ohun tó wà nínú ẹ̀ wò.